8 jígà tàbí 16: Kí ló ń jẹ ìrántí káàdì àwòrán nínú eré ayé òde òní?

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Nvidia ti Amẹ́ríkà gbé káàdì àwòrán tuntun kan jáde, wọ́n pè é ní RTX 5060 Ti. Orúkọ kan ni, àmọ́ oríṣi méjì ni. Ọ̀kan ní ìrántí 8 jígà, èkejì ní 16 jígà. Iye tí wọ́n dá lé e ni 379 dọ́là fún ti 8, àti 429 dọ́là fún ti 16. Ìyàtọ̀ owó tó wà láàárín wọn jẹ́ 50 dọ́là, nǹkan bíi 29,000 fàránkì séfà wa nígbà náà. Ọpọlọ tó ń ya àwòrán nínú àwọn méjèèjì kò yàtọ̀ rárá. Ìrántí nìkan ló yàtọ̀.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí di ariwo ni pé àwọn tó ń dán irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò kí aráàlú tó rà á sọ pé wọn ò rí èyí tó ní 8 jígà gbà lọ́wọ́ Nvidia kí ó tó bọ́ sọ́jà. Àwọn kan fi owó ara wọn rà á kí wọ́n tó lè dán an wò. Nígbà tí wọ́n wá gbé méjèèjì ka iwájú ara wọn, wọ́n rí i pé nínú eré kan wọ́n ń sá bákan náà, nínú eré mìíràn sì rèé, èyí tó ní 8 ń ta kọ́sẹ̀ níbi tí ìkejì rẹ̀ ti ń yọ̀ lọ bí omi.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, AMD tó ń bá Nvidia dupò kéde tiẹ̀, RX 9060 XT, òun náà ní oríṣi méjì: 8 jígà ní 299 dọ́là, 16 jígà ní 349. Nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bínú, Frank Azor, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá AMD, fèsì lórí X. Ohun tó wí ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń ṣe eré ṣì ń lo ojú ẹ̀kírán 1080p, pé wọn ò sì nílò ju 8 jígà lọ.

Ṣé òótọ́ ni? Ìbéèrè yẹn la fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín. Àwọn ọmọ wa tó ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ láti fi ra kọ̀ǹpútà eré, tuntun tàbí àlòkù, orúkọ káàdì ni wọ́n máa ń wò. Wọn kì í wo nọ́ńbà ìrántí tó wà lẹ́yìn orúkọ náà. Ibẹ̀ gan-an ni owó wọn ti lè wọmi.

Kí ni ìrántí yìí ń gbé?

Káàdì àwòrán, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè ní kátì gíráfíìkì, ni apá kọ̀ǹpútà tó ń ya ohun tí a ń rí lójú ẹ̀kírán. Ó ní ọpọlọ tirẹ̀, ó sì ní ìrántí tirẹ̀. Ìrántí náà ni wọ́n ń kọ sí ara páálí ní VRAM. Ẹ wò ó bíi tábìlì aránṣọ. Ọwọ́ aránṣọ lè yá títí, bí tábìlì bá kéré tí aṣọ ò gba orí rẹ̀, yóò máa dìde lọ mú aṣọ ní yàrá kejì ni. Ìrìn yẹn ló máa fà á sẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ̀ kọ́.

Nǹkan méjì pàtàkì ló ń gba ààyè lórí tábìlì náà. Èkíní ni ewé tí wọ́n ń ya àwòrán sí. Bí ojú ẹ̀kírán bá ṣe ní píkísẹ̀lì tó, ìyẹn àwọn àmì tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán, bẹ́ẹ̀ ni ewé náà ṣe máa tóbi tó. Èkejì ni awọ. Gbogbo ohun tó wà nínú eré, ògiri, igi, ojú èèyàn, ẹ̀wù, ilẹ̀ tí à ń tẹ̀, ìrísí lásán ni wọ́n jẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n wá fi àwòrán bò wọ́n bí ẹni ń fi awọ bo ìlù. Awọ yìí ni wọ́n ń kọ sínú ètò eré ní textures. Nígbà tí eré bá bi yín bóyá ẹ fẹ́ awọ tó kéré, tó wà láàárín, tó ga tàbí tó ga jù lọ, ohun tó ń bi yín ni pé báwo ni àwòrán tí wọ́n fi bo nǹkan wọ̀nyẹn ṣe máa fẹ̀ tó.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ojú ẹ̀kírán ló ń jẹ ìrántí jù. Lórí èrò yẹn ni ọ̀rọ̀ ọ̀gá AMD dúró. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ ká wò ó.

Ìṣirò ewé

Ojú ẹ̀kírán 1080p ní píkísẹ̀lì 1,920 ní ìbú àti 1,080 ní òró. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, ẹ ó rí 2,073,600. Èyí tí wọ́n ń pè ní 1440p ní 3,686,400. Ti 4K ní 8,294,400, ìyẹn ìlọ́po mẹ́rin ti 1080p.

Eré òde òní kì í fi ewé kan ṣoṣo yàwòrán. Yóò ya àwọ̀ sí ọ̀kan, yóò kọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó sí òmíràn, ìmọ́lẹ̀ sí òmíràn, òjìji sí òmíràn, kó tó kó gbogbo wọn pọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú un pé eré kan ń lo ogún ewé, tí píkísẹ̀lì kọ̀ọ̀kan sì ń gba ọ́kítẹ́ẹ̀tì 8 lórí ewé kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò náà nìyí:

```
1080p : 2 073 600 x 8 x 20 =   332 Mo
1440p : 3 686 400 x 8 x 20 =   590 Mo
4K    : 8 294 400 x 8 x 20 = 1 327 Mo
```

Ìyẹn ni pé láti 1080p títí dé 4K, ohun tí ojú ẹ̀kírán fi kún un ò ju nǹkan bíi jígà kan lọ. Ó pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò lè dá sọ 8 di ohun tí kò tó.

Ìṣirò awọ

Awọ tó ga nínú eré tuntun sábà máa ń jẹ́ àwòrán tó ní píkísẹ̀lì 4,096 ní ìbú àti 4,096 ní òró. Ìyẹn jẹ́ 16,777,216. Wọn kì í gbé e kalẹ̀ bó ṣe wà. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pọ̀ títí píkísẹ̀lì kan á fi máa gba ọ́kítẹ́ẹ̀tì kan péré. Síbẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ tọ́jú àwòrán kan náà ní ìwọ̀n kéékèèké tì í, èyí tí eré máa lò nígbà tí ohun náà bá wà lọ́ọ̀ọ́kán. Àwọn kéékèèké yẹn ń fi ìdá kan nínú mẹ́ta kún un. Awọ kan á wá di nǹkan bíi 22 mégà.

Awọ kan kò sì tó fún nǹkan kan. Ògiri kan ń fẹ́ awọ tó ń sọ àwọ̀ rẹ̀, òmíràn tó ń sọ bó ṣe rí págunpàgun, àti òmíràn tó ń sọ bó ṣe ń dán tó. Mẹ́ta nìyẹn, ó ti di 67 mégà fún ògiri kan ṣoṣo.

Bí a bá wá sọ awọ náà kalẹ̀ ní ìpele kan, tó di 2,048 ní ìbú àti 2,048 ní òró, gbogbo rẹ̀ á dín sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ògiri kan á di 17 mégà dípò 67.

Ẹ mú un báyìí pé ọgọ́ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló wà níwájú yín lẹ́ẹ̀kan náà nínú eré, èyí tí kò pọ̀ rárá fún ìgboro kan tó ní ilé, ọkọ̀, ewéko àti èèyàn. Pẹ̀lú awọ kékeré, ó jẹ́ jígà 1. Pẹ̀lú awọ ńlá, ó jẹ́ jígà 4. Jígà mẹ́ta ni ìpele kan ṣoṣo fi yàtọ̀, nígbà tí ojú ẹ̀kírán ní láti kúrò ní 1080p dé 4K kó tó fi jígà kan péré kún un.

Ẹ jẹ́ ká wá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ fi jígà 2 sí i fún ìrísí àwọn nǹkan, òjìji wọn àti àwọn ohun mìíràn tí eré ń gbé. Ẹ fi 0.7 sí i fún Windows àti àwọn fèrèsé tí ẹ ò tíì tì. Ohun tí a ó rí nìyí:

```
1080p, awọ kékeré : 0,3 + 1 + 2 + 0,7 = 4,0 Go
4K,    awọ kékeré : 1,3 + 1 + 2 + 0,7 = 5,0 Go
1080p, awọ ńlá    : 0,3 + 4 + 2 + 0,7 = 7,0 Go
4K,    awọ ńlá    : 1,3 + 4 + 2 + 0,7 = 8,0 Go
```

Ẹ wo ìlà kejì àti ìkẹta dáadáa. Ẹni tó ń ṣe eré lójú ẹ̀kírán 4K pẹ̀lú awọ kékeré ń lo ìrántí tó kéré sí ti ẹni tó wà lórí 1080p pẹ̀lú awọ ńlá. Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀ pátá.

Àpẹẹrẹ tiwa ni nọ́ńbà wọ̀nyí o. Eré kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Àwọn eré kan gbọ́n díẹ̀: bí ojú ẹ̀kírán bá kéré, wọn kì í kó awọ ohun tó jìnnà wá ní kíkún, nítorí náà 1080p lè dín awọ kù díẹ̀. Àmọ́ ohun tó wà nítòsí yín ń fẹ́ awọ rẹ̀ ní kíkún lórí ẹ̀kírán èyíkéyìí. Bí ẹ bá tún tan ìtọpa ìmọ́lẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tuntun tí eré fi ń ṣe ìmọ́lẹ̀ bíi ti ojú ayé, ó lè fi ju jígà kan lọ kún un nínú eré kan. Àrékọ́já ni 7.0 yẹn á wá ṣe 8.

Ibi tí ọ̀gá AMD ti jàre, àti ibi tí kò ti jàre

Ọ̀gá náà kò purọ́ tán. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe eré ìdíje bíi Counter-Strike 2 àti League of Legends. Wọ́n ṣe àwọn eré wọ̀nyẹn kí ó lè sá lórí ẹ̀rọ tí kò lágbára, 8 jígà sì tó wọn, ó tún kù. Ẹni tó jẹ́ pé irú wọn nìkan ló ń ṣe, bó bá san owó kún un torí 16, ó kàn ná an dànù ni.

Àmọ́ ìdí tó fi mú 1080p lọ́wọ́ kò gún. Ojú ẹ̀kírán kékeré ń fún *ọpọlọ* káàdì nísinmi, kì í fún *ìrántí* rẹ̀ nísinmi tó bẹ́ẹ̀. Awọ ni ìrántí ń gbé, awọ kì í sì í béèrè pé ẹ̀kírán yín tóbi tàbí ó kéré. Bákan náà, awọ ńlá kì í fi bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ lára. Bí ààyè bá wà fún un lórí tábìlì, eré máa ń sá bó ṣe ń sá tẹ́lẹ̀, àwòrán á kàn dára sí i ni. Ìdí nìyẹn tí káàdì méjì tó ní ọpọlọ kan náà fi lè yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀: èyí tó ní 16 ń jẹ awọ ńlá lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tó ní 8 ń san án pẹ̀lú ìkọ̀sẹ̀.

Bí ó bá kún, kí ló ń ṣẹlẹ̀?

Eré kì í kú lójijì nígbà tí ìrántí káàdì bá kún, àfi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé Windows á kó èyí tó ṣẹ́kù sínú ìrántí gbogbogbò kọ̀ǹpútà, á sì máa lọ mú un níbẹ̀ nígbà tí káàdì bá nílò rẹ̀. Yàrá kejì tí a sọ lókè nìyẹn.

Ọ̀nà yàrá kejì yìí ló burú. RTX 5060 Ti lè ka 448 jígà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú ìrántí ara rẹ̀. Ọ̀nà tó so káàdì náà mọ́ ìyókù kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè ní PCI Express. Ojú ọ̀nà mẹ́jọ péré ni káàdì yìí ń lò lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn káàdì ńlá máa ń lo mẹ́rìndínlógún. Lórí kọ̀ǹpútà tuntun tó ní PCI Express 5, ojú ọ̀nà mẹ́jọ yẹn ń gba nǹkan bíi 32 jígà kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Lórí PCI Express 4, ó ń gba 16. Lórí PCI Express 3, 8 péré.

Ibí yìí ló ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Intel orí tábìlì tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 2021, irú èyí tó ń wọlé sọ́dọ̀ wa gẹ́gẹ́ bí àlòkù, PCI Express 3 ló wà nínú wọn. Ẹni tó bá wá ra káàdì tuntun tó ní 8 jígà kó lè sọ irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ di ọ̀tun, òun gan-an ni ìkúnwọ́sílẹ̀ yìí máa ń dùn jù.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i. Kí eré tó lè ya àwòrán ọgọ́ta ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tí ojú fẹ́ràn, ìdá 17 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá ló ní fún àwòrán kan. Ká ní ìdajì jígà péré ló ṣẹ́kù síta, tí eré sì nílò gbogbo rẹ̀ fún àwòrán tó kàn. Lórí PCI Express 5, kíkó rẹ̀ wá á gba nǹkan bíi ìdá 16 nínú ẹgbẹ̀rún, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àsìkò tó ní. Lórí PCI Express 4, ó gba 31. Lórí PCI Express 3, ó gba 62, kí ọpọlọ káàdì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá. Àwòrán ọgọ́ta á já wálẹ̀ sí mẹ́rìndínlógún tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ìdajì jígà ló fà á.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ìrántí ló kún?

Àmì rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọpọlọ tí kò lágbára. Bí ọpọlọ bá rẹ̀, eré máa ń lọ́ra ní gbogbo ìgbà, níbi gbogbo. Bí ìrántí bá kún, eré á máa sá dáadáa, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti yíjú sí ibòmíràn tàbí tí ẹ wọ ìgboro tuntun, á dá dúró gúlú, á tún gbéra. Nígbà mìíràn eré náà máa ń sá dáadáa fún ìdajì wákàtí, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ wàhálà.

Àmì kejì ni kí awọ má dé. Àwọn eré kan kì í jẹ́ kí tábìlì kún. Wọ́n á fi awọ kékeré rọ́pò ti ńlá láìsọ fún yín. Nọ́ńbà ìyára á dára, àmọ́ ògiri iwájú yín á rí bí ẹrẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ pa. Ìdí nìyí tí a ò fi gbọdọ̀ fi nọ́ńbà ìyára nìkan dá ẹjọ́. Nígbà tí The Last of Us Part I jáde lórí kọ̀ǹpútà ní oṣù kẹta ọdún 2023, ọ̀pọ̀ àwọn tó ní káàdì 8 jígà ṣàkíyèsí rẹ̀: bí wọ́n bá fi awọ sí ìpele tó ga, ó ń kọsẹ̀, bí wọ́n bá sọ ọ́ kalẹ̀, ojú nǹkan ń dàrú. Àwọn tó ṣe é ní láti tún awọ ìpele ìsàlẹ̀ ṣe lẹ́yìn náà.

Bí ẹ bá fẹ́ rí i lójú ara yín, nígbà tí eré ń lọ, ẹ tẹ `Ctrl+Shift+Esc`, ẹ lọ sí Performance, ẹ yan GPU. Ẹ ó rí ìlà méjì nípa ìrántí. Èyí tí a kọ dédiée sí ni tábìlì káàdì fúnra rẹ̀. Èyí tí a kọ partagée sí ni yàrá kejì. Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀: eré lè gba ààyè sílẹ̀ ju ohun tó ń lò lọ, bí ẹni tó fi àga mẹ́wàá pamọ́ fún àlejò márùn-ún. Nítorí náà, kí ìlà àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ kún nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ̀rí ni kí ó kún, kí ìlà kejì sì máa gòkè, kí eré náà sì máa kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìdánwò tó dájú jù ni èyí. Ẹ sọ awọ kalẹ̀ ní ìpele kan ṣoṣo, ẹ má fọwọ́ kan ohun mìíràn. Ẹ pa eré náà, ẹ tún un ṣí, ẹ padà sí ibi tó ti kọsẹ̀. Bí ìkọ̀sẹ̀ bá lọ, ìrántí ni. Bí kò bá lọ, ẹ dá awọ padà, ẹ wá dín píkísẹ̀lì ẹ̀kírán kù. Bí eré bá wá yára gidi, ọpọlọ ló rẹ̀, káàdì tó ní ìrántí púpọ̀ kò sì ní wo àìsàn yẹn sàn.

Ohun tí eré kan béèrè

Ẹ jẹ́ ká mú eré kan ní pàtó. Indiana Jones and the Great Circle jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Àwọn tó ṣe é kọ ohun tó ń béèrè sílẹ̀ kedere. Lórí 1080p, pẹ̀lú ètò tó kéré jù, káàdì tí wọ́n dárúkọ lọ́dọ̀ Nvidia ni RTX 2060 SUPER, tó ní 8 jígà. Lórí 1440p pẹ̀lú ètò tó ga, RTX 3080 Ti ni, tó ní 12. Lórí 4K pẹ̀lú ètò tó ga ju ìyẹn lọ, RTX 4080 ni, tó ní 16.

Ẹ ó rí i pé 8 jígà ni *ìlẹ̀kùn* eré yìí. Ibẹ̀ ni ìpele tó kéré jù ti bẹ̀rẹ̀. Eré náà tún ní ètò kan tí wọ́n kọ ní Texture Pool Size, ìyẹn bí agbada awọ ṣe máa tóbi tó. Ẹ̀yin lẹ máa yan ìwọ̀n ààyè tí awọ máa gbà nínú ìrántí. Ẹni tó ní 8 jígà tó bá fi agbada náà sí ìpele òkè, káàdì rẹ̀ á kún, ìyára á já lulẹ̀, kódà bí ọpọlọ rẹ̀ bá lágbára. Bó bá dá a padà sí ìpele ìsàlẹ̀, ọpọlọ kan náà á tún máa sá geere. A ò mọ eré mìíràn tó fi ohun tí à ń sọ yìí hàn kedere tó bẹ́ẹ̀.

Kí ló dé tí wọn ò fi yé ta 8?

Ní ọdún 2016, AMD ta RX 480 tó ní 8 jígà ní 239 dọ́là. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, Nvidia ta RTX 5060 ní 299 dọ́là, 8 jígà náà ni. Ọdún mẹ́sàn-án ló wà láàárín wọn. Láàárín ìgbà náà, PlayStation 5 ti dé ní oṣù kọkànlá ọdún 2020 pẹ̀lú 16 jígà tí ọpọlọ àti àwòrán ń pín lò, nígbà tí PlayStation 4 ní 8. Fún ọdún bíi méjì, àwọn tó ń ṣe eré ṣì ń rántí PlayStation 4. Láti 2023 lọ, ọ̀pọ̀ wọn fi í sílẹ̀, awọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀.

Ìdí kan wà tó jẹ́ ti iṣẹ́ ọwọ́. Ìrántí káàdì kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Ẹyọ kéékèèké ni, èyí tó sì wọ́pọ̀ báyìí ní jígà 2 lẹ́yọ kan. Ọpọlọ RTX 5060 Ti ní ẹnu ọ̀nà mẹ́rin fún ẹyọ ìrántí. Mẹ́rin lọ́nà méjì jẹ́ 8. Láti dé 16, wọ́n ní láti so ẹyọ méjì mọ́ ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan níwájú pátákó, ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀, owó á sì gòkè. Ìdí nìyẹn tí ẹ kì í fi í rí 10 tàbí 12 nínú irú káàdì yẹn.

Ìdí kejì jẹ́ ti ọjà. Iye tó kéré jù ló ń fa ojú oníbàárà mọ́ra, orúkọ kan náà sì ń jẹ́ kó rò pé ohun kan náà ló ń rà. Kò sí òfin tó ní kí ilé-iṣẹ́ má ta 8 jígà. Ohun tó ń bí wa nínú ni pé wọ́n fún ohun méjì tó yàtọ̀ ní orúkọ kan.

Ohun tí a mú níbẹ̀

Bó bá jẹ́ eré ìdíje àti eré àtijọ́ nìkan lẹ ń ṣe, 8 jígà tó, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni dẹ́rù bà yín. Bó bá jẹ́ eré ńlá tuntun lórí 1080p, 8 ṣì lè gbé e bí ẹ bá gbà láti sọ awọ kalẹ̀ ní ìpele kan tàbí méjì, kí ẹ sì pa ìtọpa ìmọ́lẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà lẹ dúró sí o, ààyè ìlọsíwájú ò sí. Ẹni tó fẹ́ awọ tó ga lórí 1080p tàbí 1440p, kó wá 12. Ẹni tó ń lọ sí 4K, tàbí tó fẹ́ lo káàdì kan fún ọdún púpọ̀, 16 ni kó wá.

Bí ẹ bá ti ní káàdì 8 jígà nílé, ẹ má jù ú nù. Ẹ ti àwọn fèrèsé tí ẹ ò lò kí eré tó bẹ̀rẹ̀, awọ ni kí ẹ sì kọ́kọ́ sọ kalẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan píkísẹ̀lì ẹ̀kírán. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é sódì: wọ́n á sọ ẹ̀kírán di bàìbàì, ìkọ̀sẹ̀ ò ní lọ, wọ́n á wá ní káàdì ti bàjẹ́.

Bó bá sì jẹ́ pé ẹ fẹ́ rà ni, ní Kútọnu, ní Àjàṣẹ́ tàbí lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀ láti òkè òkun, ẹ má jẹ́ kí orúkọ tán an. Ẹ bi olùtajà pé jígà mélòó ni. Ẹ ní kó tan ẹ̀rọ náà, kẹ́ ẹ fi ojú ara yín rí nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dédiée kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.